Rọ́bọ́ọ̀tì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣìṣẹ́: Bí A Ṣe Ń So Bọ́tìnnì Pàjáwìrì àti Bí A Ṣe Ń Fi Ààlà sí Eré Rẹ̀

Ẹni tí rọ́bọ́ọ̀tì bá fẹ́ gbá kì í sábà ráyè tẹ bọ́tìnnì. Ẹlòmíì ló máa ń bá a tẹ̀ ẹ́, ìyẹn bí ẹlòmíì bá wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ààbò fi pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, a ó so bọ́tìnnì pupa náà lọ́nà tí kò fi ní já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Èkejì, a ó fi ààlà sí eré ẹ̀rọ náà, kó má baà ṣe ènìyàn léṣe kí bọ́tìnnì tó dé ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979, Robert Williams, ọmọ ọdún 25, gun orí pẹpẹ ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ Fọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ti ń rọ irin ní ìlú Flat Rock, ìpínlẹ̀ Míṣígàn, ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ mú àwọn ẹ̀yà kan níbẹ̀. Apá ẹ̀rọ tó ń kó ẹrù lórí pẹpẹ náà gbá a lórí láti ẹ̀yìn, ó sì kú. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé rọ́bọ́ọ̀tì pa. Ohun tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ojú kì í rí i, ọwọ́ kì í sì í wá bọ́tìnnì nítorí ohun tí ojú kò rí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbà irin ni wọ́n fi ń ya rọ́bọ́ọ̀tì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn. Lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ láìsí ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Universal Robots ní ìlú Odense, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ lọ́dún 2008. Ọ̀kan nínú wọn, UR10e, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó lè na apá dé mítà 1.3, ó sì lè gbé ẹrù tó tó kílò 12.5. Ẹ jẹ́ ká sọ pé inú ilé iṣẹ́ omi inú ike ló wà. Páálí omi tó wọn kílò 6 ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì. Apá náà ń fi ẹnu rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ gbé e, ó ń tò ó sórí pálẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ kan ń wọlé ń jáde níbẹ̀, ó ń gbé pálẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, ó ń tún páálí tó wọ́ ṣe.

Wáyà tó ń sọ pé àlàáfíà wà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì, iná ni a fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ pé kó dúró. Òdì kejì rẹ̀ ló rí. Iná fóòtì 24 ń gba inú bọ́tìnnì náà kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sọ fún àpótí ìṣàkóso pé àlàáfíà wà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀nà iná já. Àpótí kò gbúròó iná mọ́, ó sì dá apá náà dúró.

Ìdí ni pé wáyà máa ń já, eku máa ń jẹ ẹ́, skúrù tó dì í mú sì máa ń tú. Bó bá jẹ́ iná tí a rán ló ń dá ẹ̀rọ dúró, wáyà tó já kò ní fi ara hàn, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan yóò tẹ bọ́tìnnì tí ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìsí iná ló ń dá a dúró, wáyà tó já yóò dá ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀, àwa náà yóò sì mọ̀ pé ó já.

Ìwé ìlànà àgbáyé tó wà fún bọ́tìnnì yìí, ISO 13850, sọ pé orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa, kí abẹ́ rẹ̀ sì yẹ́lò. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ há síbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi ọwọ́ yí i tàbí fà á jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ́ntáàtì wà, ìyẹn irin kékeré méjì tó fẹnu kanra tí iná ń gbà kọjá. Bọ́tìnnì tí a ó lò gbọ́dọ̀ ní irú kọ́ntáàtì bẹ́ẹ̀ méjì, kí ó sì jẹ́ èyí tí agbára ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ gan-an ni yóò ya irin náà kúrò lára ara wọn, kì í ṣe èyí tó gbára lé sípíríǹgì. Àmì rẹ̀ ni ọfà kékeré kan nínú òbìrí, tí wọ́n yà sára kọ́ntáàtì náà. Bí àmì yìí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí.

Kí a tó fọwọ́ kan wáyà, a ó pa iná àpótí ìṣàkóso, a ó sì fi àgádágodo tì í kí ẹlòmíì má baà tàn án. Nínú àpótí UR, ibi tí a ń de wáyà ààbò mọ́ ní àwọ̀ yẹ́lò. Àwọn ibi mẹ́rin ló wà níbẹ̀: `EI0` àti `EI1` jẹ́ ti ìdádúró pàjáwìrì, `SI0` àti `SI1` jẹ́ ti ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀rọ asọ́nà. Wáyà kúkúrú ti so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ `24V` láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìsí nǹkan kan níbẹ̀. A ó yọ wáyà kúkúrú ti `EI0` àti `EI1`. Lẹ́yìn náà a ó fa wáyà láti `24V` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `EI0` lọ sí kọ́ntáàtì kìn-ín-ní, a ó sì fa òmíràn láti ibẹ̀ padà sí `EI0`. A ó ṣe bákan náà fún `EI1` àti kọ́ntáàtì kejì. Wáyà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, ọ̀nà méjì tí kò pàdé níbì kankan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Bí kọ́ntáàtì kan bá kọ̀ tí kò ya, èkejì yóò ya. Ju ìyẹn lọ, àpótí ń fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá sọ pé àlàáfíà wà tí èkejì sì dákẹ́, ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Yóò dúró, kò sì ní gbà láti tún ṣiṣẹ́ títí a ó fi tún un ṣe.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wá láti inú ìkánjú. Ẹni tó so ó lo kọ́ntáàtì kan ṣoṣo, ó wá pín wáyà tó ti inú rẹ̀ jáde sí `EI0` àti `EI1`. Rọ́bọ́ọ̀tì náà yóò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, yóò dúró. Gbogbo ènìyàn yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó bá kọ̀ láti ya yóò fi àpótí lọ́kàn balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tú ẹ̀yìn bọ́tìnnì kí ẹ fi ojú ara yín ka wáyà tó wà níbẹ̀. Bí kò bá pé mẹ́rin, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ewu kejì fara sin ju èyí lọ. Orí bọ́tìnnì wà níta pátákó, kọ́ntáàtì rẹ̀ sì so mọ́ ọn láti inú. Bí jìgìjìgì ẹ̀rọ bá mú kí kọ́ntáàtì náà bọ́ sílẹ̀ nínú àpótí, irin inú rẹ̀ ṣì fẹnu kanra, iná ṣì ń kọjá, bọ́tìnnì ìta sì ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Nítorí èyí, àwọn kan wà tí wọ́n ń tà tó ní kọ́ntáàtì àfikún kan: bí ó bá bọ́ kúrò lára orí bọ́tìnnì, ọ̀nà iná já fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga, ṣùgbọ́n òun ló yẹ ká rà fún ibi tí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n.

Bẹ́líìtì àti iná tó lọ tó tún dé

Nígbà tí bọ́tìnnì bá já ọ̀nà iná, apá UR kò kàn ní ṣubú lulẹ̀. Mọ́tò inú oríkèé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fa apá náà dúró ní tààrà, lẹ́yìn náà ni iná yóò kúrò lára mọ́tò, tí bíréèkì yóò sì dè é mọ́lẹ̀. Iná ló ń tú bíréèkì náà sílẹ̀. Bí iná bá ti lọ, òun fúnra rẹ̀ ń dì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó ń gbé páálí bọ̀ ní mọ́tò tirẹ̀, ó sì lè fa ọwọ́ ènìyàn wọlé lẹ́yìn tí apá ti dúró. Ó gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú.

Nínú ètò UR, a lè yan ojú ìjáde méjì, fún àpẹẹrẹ `CO0` àti `CO1`, kí a sì fún wọn ní iṣẹ́ tí ojú ẹ̀rọ pè ní `System Emergency Stop`. Wáyà wọn yóò lọ sí rílè ààbò. Rílè yìí ló ń fún kọ́ntátọ̀ méjì ní iná, kọ́ntátọ̀ sì ni súìṣì ńlá tó ń tan mọ́tò. A ó to kọ́ntátọ̀ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà iná mọ́tò, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, bẹ́líìtì dúró.

Ohun tó máa ń pa kọ́ntátọ̀ ni pé iná ńlá lè yọ́ irin inú rẹ̀ títí yóò fi jó pọ̀ mọ́ ara. Súìṣì tó jó pọ̀ kò lè ya mọ́. Bí ọ̀kan bá jó pọ̀, èkejì yóò dá mọ́tò dúró lónìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù? Kọ́ntáàtì kékeré kan ló ń sọ ọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ntátọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe é kó má lè fẹnu kanra bí irin ńlá kò bá tíì ya. A ó so méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, a ó sì mú wáyà wọn gba inú bọ́tìnnì tí a fi ń tún rílè gbé dìde. Bí kọ́ntátọ̀ kan bá ti jó pọ̀, ọ̀nà náà kò ní pé, rílè kò sì ní gbà kí a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ iná kan máa ń fo wáyà yìí, wọ́n á fi wáyà kúkúrú dí ojú rẹ̀, torí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹni tó bá fò ó ti sọ kọ́ntátọ̀ méjì di ọ̀kan.

Bọ́tìnnì ìgbédìde yìí ló ń dáàbò bò wá nígbà tí iná bá lọ tó sì tún dé, ohun tí ilé iṣẹ́ nílẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, òṣìṣẹ́ á nawọ́ sábẹ́ bẹ́líìtì láti yọ páálí tó há. Bí iná bá dé lójijì, tàbí bí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbéra títí ẹnì kan tó rí gbogbo àyíká náà yóò fi tẹ bọ́tìnnì ìgbédìde. Bákan náà, yíyí bọ́tìnnì pupa padà sípò rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun rìn. Àyè nìkan ló ń fún ẹni tó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń dán an wò

Títẹ bọ́tìnnì kí a sì rí i pé ẹ̀rọ dúró kò tó. Ó fi hàn pé ó kéré tán ọ̀nà kan ṣì dára, kò sọ ti èkejì. Nítorí náà, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà `EI0`, ẹ tan iná padà: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kó sì sọ lójú rẹ̀ pé ọ̀nà méjèèjì kò bára mu. Ẹ dá a padà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún `EI1`. Lẹ́yìn náà ẹ yọ wáyà kọ́ntáàtì kékeré ti kọ́ntátọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Rílè kò gbọdọ̀ gbéra. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń yọ wáyà, iná gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ìdánwò yìí kò lè rí. Bí fọ́kílíìfù bá gun okùn wáyà náà títí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi fara kanra, iná lè máa kọjá láìdé inú bọ́tìnnì rárá. Ọ̀pọ̀ rílè ààbò ń rán iná tó ń ṣẹ́jú lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bí méjèèjì bá dàpọ̀. Síbẹ̀, ẹ fi páìpù irin bo okùn náà níbi tí ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ bá lè kàn án.

Ibi tí eré gbọ́dọ̀ mọ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká gbà pé bọ́tìnnì náà kò ní àbùkù kankan. Ká sọ pé ẹni tó rí ewu nílò ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kó nawọ́, kó sì tẹ̀ ẹ́. Bí apá náà bá ń sáré mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, yóò ti lọ ní mítà kan gbáko, láìka ọ̀nà tí yóò tún gbà kó tó dúró tán. Bó bá jẹ́ mílímítà 250 ló ń sá, ìdá mẹ́rin mítà ló lọ. Òfin pàtàkì kan nínú iṣẹ́ yìí lo ìwọ̀n kejì yìí: nígbà tí ènìyàn bá dúró sítòsí tó ń kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ní iṣẹ́, orí apá kò gbọdọ̀ sáré ju mílímítà 250 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣùgbọ́n nígbà iṣẹ́ gidi ńkọ́? Ìwé ISO/TS 15066, tó jáde lọ́dún 2016, sọ iye agbára tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lè gbà. Àyà lè gba níútìn 140 bí wọ́n bá há a mọ́ nǹkan. Bí ìkọlù bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan tí ara sì ráyè fà sẹ́yìn, ó lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀, 280. Ìwé náà kò fún orí àti ojú ní ìlọ́po méjì yìí, torí náà a gbọ́dọ̀ ṣètò iṣẹ́ kí apá má lè gbá wọn rárá. Ìṣirò tó so agbára mọ́ eré nìyí:

```
v = F / sqrt(m * k)
m = 1 / (1/mH + 1/mR)
mR = M/2 + mL
```

`F` ni agbára tí ara lè gbà, `k` ni bí ẹran ara ibẹ̀ ṣe le tó, `mH` ni ìwọ̀n ẹ̀yà ara náà, `M` ni ìwọ̀n gbogbo ohun tó ń rìn lára apá rọ́bọ́ọ̀tì, `mL` sì ni ẹrù tó gbé. Fún àyà, ìwé náà fi `mH` sí kílò 40, ó sì fi `k` sí 25,000 níútìn fún mítà kan. Bí a bá gbà pé ohun tó ń rìn lára apá wa jẹ́ kílò 24, ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 12. Páálí kílò 6 àti ẹnu rọ́bà kílò 2 jẹ́ 8, nítorí náà `mR` jẹ́ 20. `m` wá di 13.3, èsì rẹ̀ sì jẹ́ mítà 0.48 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá ṣe ìṣirò kan náà fún ọwọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò 0.6 lọ, yóò lé ní mítà 1.3, torí ọwọ́ tètè ń yẹ̀. Èyí tó kéré jù ni a ó tẹ̀ lé, ti àyà. A ó fi ààlà sí mílímítà 400, kí àyè díẹ̀ lè kù.

Ìṣirò yìí kò mọ etí mímú. Páálí tó ní igun àti skúrù tó yọ gọngọ máa ń kó gbogbo agbára jọ sójú kan ṣoṣo. Nítorí náà, lẹ́yìn ìṣirò, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n agbára síbi tí ìkọlù ti lè wáyé, kó jẹ́ kí apá náà gbá a, kó sì ka iye rẹ̀. Bó bá ju bó ṣe yẹ lọ, a ó tún fa eré sísàlẹ̀.

Níbo ni a ń kọ ààlà yìí sí? Kì í ṣe inú ètò iṣẹ́. Ìlà bí èyí:

```
movel(ibi_pale, a=0.8, v=0.35)
```

ń sọ ohun tí a fẹ́ kí apá ṣe. Ẹnikẹ́ni lè yí 0.35 padà lọ́la. Bákan náà, ìlà tí a ń fi ìka fà lójú ẹ̀rọ láti dín eré kù kì í ṣe ààbò. Ààlà gidi wà ní `Installation`, `Safety`, `Robot Limits`. Níbẹ̀ ni a ti ń yan `Custom`, kí a tó kọ iye sí `Tool Speed`. Ọ̀rọ̀ aṣínà ló ń dáàbò bò ó, apá ètò tó sì ń ṣọ́ ọ dá dúró lọ́tọ̀ sí ètò iṣẹ́. Bí apá bá kọjá ààlà náà, wọn yóò dá a dúró. Ẹ má gbàgbé `Elbow Speed`, torí ìgbà míì wà tí orí apá ń lọ jẹ́jẹ́ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ń sáré gba ibi tí ojú ènìyàn wà.

Bí ènìyàn bá ń bọ̀

Mílímítà 400 lè falẹ̀ jù fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ to ọ̀pọ̀lọpọ̀ páálí. Ìdí nìyẹn tí `Robot Limits` fi ní ìlà méjì, `Normal` àti `Reduced`. A lè kọ 1000 sí ti àkọ́kọ́ fún ìgbà tí kò sí ẹnì kankan nítòsí, kí a kọ 400 sí èkejì. Ẹ̀rọ asọ́nà tó ń fi ìtànṣán léṣà wo ilẹ̀ yípo ni yóò yàn láàárín méjèèjì. Wáyà méjì láti ara rẹ̀ wọ `CI0` àti `CI1`, tí a ti fún ní iṣẹ́ `Reduced Mode`. Níhìn-ín náà, iná tó ń kọjá túmọ̀ sí pé ẹnì kankan kò sí. Bí ẹnì kan bá wọlé, tàbí wáyà já, tàbí ẹ̀rọ asọ́nà kú, iná dákẹ́, eré sì lọ sílẹ̀.

Báwo ni ibi tó ń ṣọ́ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? Ìlànà gbà pé ènìyàn ń rìn mítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ká sọ pé ẹ̀rọ asọ́nà nílò ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. UR náà ń gba tó ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá kó tó bọ́ sínú ààlà tuntun. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.6, ènìyàn á sì ti rin mítà 0.96. Ṣùgbọ́n ìtànṣán náà ń sáré nítòsí ilẹ̀, ní bíi mílímítà 300 sókè. Ẹsẹ̀ ló ń rí, kò rí ọwọ́ tí ènìyàn nà síwájú. Nítorí ọwọ́ yẹn, ìlànà fi mítà 1.08 kún un ní ibi gíga yìí. Ó di mítà 2.04, a ó sì fi àṣìṣe ìwọ̀n ẹ̀rọ asọ́nà lé e. Ó lé díẹ̀ ní mítà méjì, bẹ̀rẹ̀ láti etí ibi tó jìnnà jù tí apá lè dé. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fi tẹ́ẹ̀pù yẹ́lò sí mítà kan péré nítorí àyè kò tó. Bí àyè kò bá tó, eré ni kí a dín kù, kì í ṣe jíjìn.

Gbogbo iye tí a kọ wọ̀nyí jẹ́ ti iṣẹ́ yìí nìkan. Bí páálí kílò 6 bá di 10 lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹnu rọ́bà sí irin tó ń gbá nǹkan mú, ìṣirò ti yí padà, ìwọ̀n agbára náà sì gbọ́dọ̀ tún wáyé. UR ń fi àmì kúkúrú kan hàn lókè ojú ẹ̀rọ fún ètò ààbò tó wà nínú rẹ̀, àmì náà sì ń yí padà bí ẹnikẹ́ni bá tún ọ̀kan nínú àwọn ààlà náà kọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, kí ẹni tó ń tan ẹ̀rọ láàárọ̀ máa fi wé ti ojú ẹ̀rọ. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí apá náà má gbéra títí ẹni tó yí i padà yóò fi sọ ohun tó yí, ìdí tó fi yí i, àti iye tí ẹ̀rọ ìwọ̀n agbára kà lẹ́yìn náà.